Ṣé Irọ́ Ni Kí A Yí Àwọ̀ Ọjà Padà Nínú Fọ́tò?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí à ń rán ara wa lónìí ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Orí fóònù ni iṣẹ́ ń gbà wọlé báyìí, ẹni tó rán ni àti ẹni tí a rán sì lè má fojú kan ara wọn rí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. Ó kéré lójú, ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ kò sì kéré: tí olówó iṣẹ́ bá ní kí a yí àwọ̀ ọjà òun padà nínú fọ́tò, ta ni ó ni àwọ̀ náà, ta ni yóò sì dáhùn fún un?

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìbàdàn, tó ń ta aṣọ òkè àti àdìrẹ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó fún ẹni tó bá a ya àmì tuntun fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni náà yan àwọ̀ mẹ́ta fún un, pé kí gbogbo nǹkan tó bá ti ṣọ́ọ̀bù náà jáde máa gbé àwọ̀ wọ̀nyí wọ̀. Obìnrin náà wá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe. Ọmọkùnrin yìí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá ló ń bá ṣe é. Iṣẹ́ tí ìyá náà rán nìyí:

"Ẹ káàsán o, Bùọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Fọ́tò ọjà 24 ni mo fi ránṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí àwọ̀ wọn sí àwọ̀ tuntun wa, kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu. Àwọ̀ náà nìyí: `#1F2A44`, `#B5532D`, `#F3E9DC`. Mo fẹ́ gbé wọn síta lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ jẹ́ kí n mọ iye tó jẹ́. Ẹ ṣé o."

Kò sí ète burúkú kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin náà fẹ́ kí ọjà òun dùn ún wò ni. Ó tilẹ̀ ṣe ohun tó mọ́gbọ́n dání bó ṣe fi nọ́ńbà àwọ̀ ránṣẹ́ dípò orúkọ. Tó bá jẹ́ pé "pupa" ló kọ, kí ni oníṣẹ́ ì bá mú? Pupa ni ẹyin ọ̀pẹ, pupa ni erùpẹ̀ ilẹ̀, a sì máa ń pe ènìyàn tí awọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní pupa pẹ̀lú. Aṣọ tí a rẹ sínú aró dáadáa, ọ̀pọ̀ àgbà á pè é ní dúdú. Nọ́ńbà kì í ní irú wàhálà yìí. Lẹ́yìn àmì `#`, lẹ́tà tàbí nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ pupa ṣe pọ̀ tó, méjì tó tẹ̀ lé e ń sọ ti àwọ̀ ewé, méjì ìkẹyìn ń sọ ti àwọ̀ aró. Nítorí náà, ibi yòówù tí ènìyàn bá wà, `#1F2A44` ni àwọ̀ aró tó jinlẹ̀, `#B5532D` ni pupa bíi bíríkì, `#F3E9DC` sì ni funfun tó rí bí ògì.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro nínú iṣẹ́ náà kò sí lára nọ́ńbà. Inú ọ̀rọ̀ kékeré kan ló wà: "wọn". Ó ní "ẹ yí àwọ̀ wọn". Àwọ̀ kí ni? Ti ibi tí a tẹ́ ọjà lé ni, àbí ti bébà tí a fi dì í, àbí ti aṣọ gan-an? Nínú fọ́tò, gbogbo wọn jọ wà lójú kan náà ni, kọ̀ǹpútà kò sì lè mọ èyí tí olówó iṣẹ́ fẹ́ kí a yí. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ ti di ọ̀rọ̀ ìwà.

Kí a tú fọ́tò 24 náà wò. Nínú 15, aṣọ ni a ká sórí tábìlì tí a tẹ́ aṣọ àwọ̀ ewé sí. Nínú márùn-ún, aṣọ wà nínú àpò bébà tí àmì àtijọ́ wà lára rẹ̀. Mẹ́rin tó kù, aṣọ ló gba ojú fọ́tò tán: sányán kan, àlàárì kan, àti àdìrẹ méjì. Mẹ́ta ni ìpín náà, ìdájọ́ rẹ̀ kò sì lè jẹ́ ọ̀kan.

Ti àkọ́kọ́ kò ní àríyànjiyàn. Ẹni tó ń ra aṣọ kò ra tábìlì. Àwọ̀ tábìlì kò sọ ohunkóhun fún un nípa aṣọ, nítorí náà kò sí ìlérí kankan níbẹ̀ tí a lè bà jẹ́. Bí oníṣẹ́ ṣe máa ń ṣe é ni pé yóò fa ààlà yí aṣọ náà ká, kí ohun tó bá ṣe sí ẹ̀yìn má baà kan ọjà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi àwọ̀ ògì rọ́pò àwọ̀ ewé, tí yóò sì dá òjìji tí aṣọ náà sọ sórí tábìlì padà, nítorí aṣọ tí kò ní òjìji máa ń dà bí ohun tó léfòó lójú òfuurufú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kì í rí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kan aṣọ àwọ̀ ewé máa ń ta padà sára ọjà tó wà lórí rẹ̀. Tí a bá yí tábìlì padà tán, etí aṣọ funfun yóò ṣì máa ṣe bí ewé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Oníṣẹ́ ní láti dín àwọ̀ ewé yẹn kù lára aṣọ gan-an. Ó fọwọ́ kan ọjà o, síbẹ̀ kò purọ́, nítorí àwọ̀ tó mú kúrò kì í ṣe ti aṣọ tẹ́lẹ̀. Tábìlì ló yá aṣọ náà lò.

Ìpín kejì gba ìbéèrè kan péré: ṣé àpò bébà tuntun ti wà? Tó bá wà, tí oníbàárà yóò sì gba ọjà rẹ̀ nínú rẹ̀, kò burú kí a kun àpò tó wà nínú fọ́tò. Tó bá jẹ́ pé àpò àtijọ́ ṣì kún ilé ìkẹ́rùsí, kí a dúró dìgbà tí yóò tán. Ẹ̀ṣẹ̀ náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi aṣọ ta ènìyàn lọ́rẹ máa ń wo ohun tí a fi dì í.

Ìpín kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Sányán inú fọ́tò náà kò bá àwọ̀ mẹ́ta yẹn mu, àlàárì náà sì pupa ju bíríkì lọ. Ẹnìkan lè sọ pé kí ló wà níbẹ̀, ṣebí kí a fà á díẹ̀ síhìn-ín, kí a fà á díẹ̀ sọ́hùn-ún ni. Nínú ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ibi kan wà tí wọ́n kọ `Hue/Saturation` sí. Kí a fa nǹkan kékeré kan sápá ọ̀tún tàbí òsì lórí rẹ̀, àlàárì á di ohun mìíràn kí a tó ṣẹ́jú. Bó ṣe rọrùn tó yẹn ló mú kí ó léwu.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí àwọ̀ jẹ́ lára àwọn aṣọ wọ̀nyí. Sányán ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe aṣọ tí a pa láró. Òwú tí kòkòrò inú igbó kan ń pọ̀ ni a fi ń hun ún, àwọ̀ ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀ tó wà lára rẹ̀ sì ni àwọ̀ òwú náà fúnra rẹ̀. Àlàárì, pupa rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹtù, aró tó jinlẹ̀ pẹ̀lú ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́lẹ̀, ẹyẹ tó gba orúkọ rẹ̀ ló fi jọ. Àwọ̀ aṣọ wọ̀nyí wà nínú orúkọ wọn. Ẹni tó bá fa sányán di funfun bí ògì nínú fọ́tò, tó sì kọ "sányán" sábẹ́ rẹ̀, ti ta ohun tí kò sí.

Ti àdìrẹ tilẹ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aláró máa ń rẹ aṣọ sínú ìkòkò aró tí a fi ewé ẹlú àti omi eérú ṣe. Tó bá kọ́kọ́ yọ ọ́, aṣọ náà máa ń ṣe bí ewé; atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró lójú ẹni. Rírẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kì í mú un dúdú tó. Yóò tún un rẹ, yóò tún un sá, yóò tún un rẹ, títí àwọ̀ yóò fi jinlẹ̀ bó ṣe fẹ́. Nítorí náà, jíjinlẹ̀ àwọ̀ àdìrẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ẹ̀rí iye ìgbà tí ọwọ́ ènìyàn wọ inú ìkòkò ni. Bí oníṣẹ́ bá fi kọ̀ǹpútà fa àdìrẹ tó ṣì mọ́lẹ̀ wá sí `#1F2A44`, ó ti fi ìṣẹ́jú kan kọ iṣẹ́ tí aláró kò ṣe sára aṣọ. Oníbàárà yóò sanwó fún rírẹ̀ tí kò wáyé. Aláró tó rẹ tirẹ̀ dójú àmì, tó sì ń ta á wọ́n díẹ̀, yóò wá dà bí ọ̀kánjúwà lójú ọjà.

Èyí ni ìdáhùn tí mo rí sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Àwọ̀ méjì ló wà láyé ọjà. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀ṣọ́, èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀. Àwọ̀ tábìlì jẹ́ ọ̀ṣọ́, ẹni tó ni tábìlì ló ni ín, ó sì lè yí i bó ṣe wù ú. Àwọ̀ ọjà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọjà ń sọ nípa ara rẹ̀: ohun tí a fi ṣe é, ẹni tó ṣe é, iye iṣẹ́ tó wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á nìkan mọ́, nítorí pé ẹni tó ń rà á gbára lé e.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ta kò mí. Yóò ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọlọ́jà ti ń ṣe ọjà lọ́ṣọ̀ọ́. Alátàá máa ń to èyí tó dára síwájú. Oníṣọ̀ọ̀bù aṣọ máa ń tan iná tó ń mú aṣọ dán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọjà wa, ẹni tó fẹ́ ra aṣọ mọ ohun tó ń ṣe. Yóò gbé aṣọ náà jáde kúrò lábẹ́ àtíbàbà, yóò tẹ́ ẹ síta, yóò wò ó lójú oòrùn. Oòrùn ni onídàájọ́ láàárín òun àti ọlọ́jà. Lórí fóònù, oníbàárà kò rí oòrùn gbé aṣọ lọ bá. Ojú tí ọlọ́jà bá fún un ló fi ń wò. Nítorí náà, ẹni tó ń tún fọ́tò ṣe ti gba ipò oòrùn, bó fẹ́ bó kọ̀. Ìdí nìyí tí ohun tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán lójú ọjà fi lè di ẹ̀tàn lórí fóònù.

Ipò oòrùn yìí náà ló fi hàn pé kí a má fọwọ́ kan fọ́tò rárá kò túmọ̀ sí òtítọ́. Bí obìnrin náà bá ya ẹtù lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n, aṣọ náà yóò jáde bí ohun tó dúdú kirikiri, ilà funfun rẹ̀ yóò sì pọ́n. Fọ́tò yẹn kò tíì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì ti ń purọ́. Oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún un ṣe títí ohun tó yẹ kó funfun yóò fi funfun. Kì í ṣe pé a ò gbọdọ̀ yí nǹkan; ohun tí à ń yí i lọ bá ni ìbéèrè. Ẹni tó ń yí àwọ̀ lọ bá aṣọ gidi lójú oòrùn ń sọ òtítọ́. Ẹni tó ń yí i lọ bá nọ́ńbà mẹ́ta lórí bébà, nígbà tí aṣọ kò rí bẹ́ẹ̀, kò sọ ọ́.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tó tan ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ jẹ. Wọn kò fọwọ́ kan ọjà lọ́tọ̀. Wọ́n á kàn da àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan bo gbogbo fọ́tò láti òkè délẹ̀, kí gbogbo wọn lè dà bí ọmọ ìyá. Ó dùn ún wò, ó sì yá. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tó bo tábìlì ló bo aṣọ. Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ kò le: kí a wá ohun tó funfun nínú fọ́tò náà, bóyá ilà ara ẹtù tàbí eyín ẹni tó wọ aṣọ. Bí eyín bá ti ní àwọ̀ ògì, kí a mọ̀ pé gbogbo aṣọ tó wà níbẹ̀ ti ṣí kúrò ní àyè rẹ̀.

Ǹjẹ́ ìgbà kankan wà tí a lè yí àwọ̀ aṣọ gan-an? Ó wà. Bí obìnrin náà bá ní okùn aṣọ kan náà ní àwọ̀ mẹ́ta, tí ẹ̀rọ hun wọn lọ́nà kan náà, tó sì jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló rí yà, oníṣẹ́ lè fi fọ́tò ọ̀kan ṣe ti méjì tó kù. Kìkì pé yóò ní kí wọ́n fi ègé aṣọ méjèèjì wá, yóò sì gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án, títí wọn yóò fi bára mu. Èyí kò ṣeé ṣe fún àdìrẹ tí a fi ọwọ́ ṣe, nítorí kò sí méjì tó jọra. Ibi tí a fi ìko dì lónìí kò ní rí bákan náà lọ́la. Ohun tí oníbàárà bá rí gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí yóò gbà.

Ohun tó wà nínú ewu níhìn-ín kì í ṣe ohun kékeré. Aṣọ ẹbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra aṣọ wọ̀nyí fún, ẹlòmíràn á sì ti Lọ́ńdọ̀nù fi owó ránṣẹ́. Àwọ̀ ni aṣọ ẹbí. Nítorí rẹ̀ ni ogún ènìyàn fi wọ aṣọ kan. Bí fíìlà bá dé tí kò bá agbádá ẹgbẹ́ mu ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìgbéyàwó, kò sí ọ̀nà àtúnṣe. Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, náà kò gbà kí ọlọ́jà fi àpèjúwe tó ń ṣini lọ́nà ta ọjà. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ti lọ.

Ṣé oníṣẹ́ lè wá sọ pé, "Ọwọ́ lásán ni mo jẹ́, ẹni tó rán mi ni kí ẹ bi"? Àwọn àgbà ti dá a lóhùn: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Obìnrin náà lè má mọ ohun tí ọ̀rọ̀ "wọn" gbé dání. Oníṣẹ́ ló mọ̀, nítorí òun ló ń fa ààlà láàárín tábìlì àti aṣọ. Ẹni tó mọ ààlà kò lè sọ pé òun kò rí i nígbà tí òun kọjá rẹ̀. Síbẹ̀ kò yẹ kó kọ iṣẹ́ náà, kó sì wá máa wàásù fún ìyá ọlọ́jà. Fífi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ ni pé kí a wá ohun tí ẹni tó rán wa fẹ́ gan-an, tó ju ohun tó sọ lọ. Ohun tó fẹ́ ni kí ṣọ́ọ̀bù òun ní ojú kan, kí ọjà sì tà láìpadà wá.

Tí a bá rò ó báyìí, èsì náà kò ṣòro kọ:

"Ẹ kú ọjà, mà. Mo ti wo fọ́tò náà. Màá yí gbogbo ẹ̀yìn ọjà sí àwọ̀ ògì, màá sì fi àwọ̀ aró àti bíríkì sí ibi orúkọ àti iye owó, gbogbo rẹ̀ á sì bára mu. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àpò bébà tuntun ti wà nílẹ̀? Aṣọ gan-an, màá jẹ́ kó rí bó ṣe rí lójú oòrùn, kí ẹni tó bá rà á má baà dá a padà. Fún sányán, àlàárì àti àdìrẹ méjèèjì, ẹ bá mi tún wọn yà níta láàárọ̀, kí ẹ fi bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. 1,500 náírà ni ẹyọ kan. 36,000 ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni màá fi ránṣẹ́."

Bébà funfun yẹn kì í ṣe àṣejù. Òun ni yóò sọ fún oníṣẹ́ ohun tó jẹ́ funfun lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà, kó lè mọ bí aṣọ ṣe rí. Àbùkù kan ṣì kù tí kò lè mú kúrò: ojú fóònù kò rí bákan náà, ẹlòmíràn sì máa ń fi tirẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ alẹ́ tó ń pọ́n. Nítorí ìyẹn ló fi dára kí a kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sábẹ́ fọ́tò, bíi "àwọ̀ aró tó jinlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú".

Irọ́ kọ́ ni kí a yí àwọ̀ padà, nígbà náà. Irọ́ ni kí a yí àwọ̀ tí ẹlòmíràn yóò gbára lé padà, kí a má sì jẹ́ kó mọ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá fẹ́ kí ọjà òun bá àwọ̀ òun mu pátápátá, ọ̀nà rẹ̀ wà, ó sì tọ́: kí ó gbé aṣọ tọ aláró lọ, kí wọ́n tún un rẹ.